Ọ̀pá irin tó ń tín-ín-rín lọ: bí ẹrù àti ìwúwo ara rẹ̀ ṣe ń mú un gùn sí i (Ìbéèrè àti Ìdáhùn)

Àwọn ìbéèrè yìí máa ń wá léraléra láti ẹnu àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀rọ àti akẹ́kọ̀ọ́ ilé kíkọ́ nílùú Àkúrẹ́, pàápàá àwọn tó wà ní FUTA, àti láti ẹnu àwọn oníléèsì tó ń gbẹ́ ọ̀pá irin fún oníbàárà. Ọ̀pá kan ṣoṣo la ó máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kí òǹkà má baà máa yí mọ́ wa lọ́wọ́.

Irú ọ̀pá wo gan-an là ń sọ?

Ọ̀pá irin róbótó ni. Wọ́n so orí rẹ̀ mọ́ òkè gbọn-in, ó sì rọ̀ wálẹ̀ tààrà. Ó sanra lókè, ó ń tín-ín-rín díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, kò sì sí ibi tó ti já lójijì lójú ọ̀nà. Ẹrù wà ní ìsàlẹ̀ tó ń fà á. Ìwúwo irin náà fúnra rẹ̀ tún ń fà á, nítorí irin kì í ṣe òwú.

Tiwa gùn ní 6 m. Ìdábùú rẹ̀ lókè jẹ́ 60 mm, ti ìsàlẹ̀ jẹ́ 30 mm. Ẹrù tó wà ní ìsàlẹ̀ jẹ́ 50 kN, ìyẹn bíi ìwúwo tọ́ọ̀nù márùn-ún. Irin lásán tí gbogbo ayé ń lò ni: E rẹ̀, òǹkà tó ń sọ bí irin ṣe ń ṣorí kunkun sí fífà, jẹ́ 200 GPa; ìwúwo rẹ̀, γ, jẹ́ 77 kN nínú mítà kan ní gígùn, ní ìbú àti ní gíga. A ó pe ìdábùú ibi tí wọ́n so ọ̀pá mọ́ ní d1, ti ìpẹ̀kun tó dá wà ní d2, gígùn ní L, ẹrù ní P. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi sọ́kàn pé d1 kì í ṣe "èyí tó sanra". Ibi tí wọ́n so ó mọ́ ni d1, yálà ó sanra tàbí kò sanra. Ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọn yóò hàn níwájú.

Ṣé mi ò lè kàn mú ìdábùú àárín, 45 mm, kí n fi ṣe é bí ọ̀pá tó dọ́gba?

Ẹ ò lè ṣe bẹ́ẹ̀, èyí sì ni àṣìṣe tí mo ń rí jù. Tí ẹ bá fi 45 mm ṣe é, ẹrù 50 kN yóò fún yín ní àlékún gígùn 0.943 mm. Òótọ́ ibẹ̀ jẹ́ 1.061 mm. Ẹ ti fi ìdá 11 nínú 100 dín in kù. Àwọn mìíràn a ṣírò ìwọ̀n ojú ọ̀pá lókè àti nísàlẹ̀, wọn a rò wọ́n pọ̀, wọn a sì pín in sí méjì. Ìyẹn tún burú sí i: 0.849 mm ló máa gbé wá, ó sì fi ìdá 20 nínú 100 kéré sí òótọ́.

Ìdí rẹ̀ ni pé apá tó tín-ín-rín ń gùn ju bí apá tó sanra ṣe ń gùn lọ lọ́nà tó pọ̀ jù. Ẹ pín ọ̀pá wa sí méjì lágbedeméjì. Mítà mẹ́ta ìsàlẹ̀, láti 30 mm dé 45 mm, ń gùn ní 0.707 mm. Mítà mẹ́ta òkè, láti 45 mm dé 60 mm, ń gùn ní 0.354 mm péré. Ìlàjì ìsàlẹ̀ ti gba ìdá méjì nínú mẹ́ta gbogbo rẹ̀. Ìdábùú àárín kò mọ èyí, ó ń hùwà bí ẹni pé ohun tí ẹ pàdánù nísàlẹ̀ ni ẹ jèrè padà lókè.

Tí ẹ bá fẹ́ òǹkà kan ṣoṣo tó lè dúró fún gbogbo ọ̀pá náà lábẹ́ ẹrù, ẹ sọ ìdábùú méjèèjì di púpọ̀, kí ẹ wá gbòǹgbò rẹ̀: gbòǹgbò 60 × 30 jẹ́ 42.4 mm. Ọ̀pá tó dọ́gba tó ní ìdábùú yìí yóò gùn bákan náà pẹ̀lú tiwa.

Ibo ni fọ́múlà ti ẹrù ti wá?

Ẹ ka gíga láti ìsàlẹ̀, kí ẹ pè é ní y. Ní gíga yẹn, ìdábùú ọ̀pá jẹ́ D = d2 + (d1 − d2)y/L. Ẹ gé ẹ̀là tẹ́ẹ́rẹ́ kan níbẹ̀. Agbára tó ń fà á ni P, nítorí kò sí ibi tí ẹrù ìsàlẹ̀ kò dé. Ìwọ̀n ojú ẹ̀là náà jẹ́ πD²/4. Àlékún gígùn ẹ̀là kékeré yìí jẹ́ agbára tí a fi ìwọ̀n ojú pín, tí a tún fi E pín, tí a wá fi ìnípọn ẹ̀là sọ di púpọ̀.

Kí ẹ tó kó gbogbo ẹ̀là jọ, ẹ pààrọ̀ y sí D. Nígbà tí y bá fi díẹ̀ lọ sókè, D ń fi (d1 − d2)/L ti díẹ̀ yẹn pọ̀ sí i. Ohun tó kù láti fi íńtígíréṣọ̀n ṣe ni 1/D², láti d2 dé d1. Ìdáhùn rẹ̀ jẹ́ 1/d2 − 1/d1, ìyẹn (d1 − d2)/(d1·d2). Ẹ wo bí (d1 − d2) òkè àti ti ìsàlẹ̀ ṣe pa ara wọn rẹ́. Ohun tó kù nìyí:

δP = 4PL / (πE·d1·d2)

Ẹni tí kò bá fẹ́ràn íńtígíréṣọ̀n lè fi ọwọ́ dán an wò. Ẹ pín ọ̀pá sí ẹ̀là mẹ́fà, mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lo ìdábùú àárín ẹ̀là kọ̀ọ̀kan: 32.5, 37.5, 42.5 títí dé 57.5 mm. Ẹ̀là ìsàlẹ̀ pátápátá yóò gùn ní 0.301 mm, ti òkè pátápátá yóò gùn ní 0.096 mm, àròpọ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò sì jẹ́ 1.057 mm. Ẹ̀là mẹ́fà péré ti gbé yín súnmọ́ 1.061 báyìí.

Ti ìwúwo ara rẹ̀ ńkọ́? Kí ló mú un yàtọ̀ sí ti ẹrù?

Ẹrù ń fa gbogbo ibi bákan náà. Ìwúwo kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ jẹ́ ká ní àwọn ọmọdé rọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́sẹ̀ láti orí ẹ̀ka igi kan: ẹni tó di ẹ̀ka mú ló ń ru gbogbo àwọn yòókù, ẹni ìsàlẹ̀ pátápátá kò ru ẹnikẹ́ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀pá. Ojú kọ̀ọ̀kan ń ru kìkì irin tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀.

Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé irin mélòó ló wà nísàlẹ̀ ibi tí a gé? Apá yẹn jẹ́ kóónù tí a gé orí rẹ̀ kúrò. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ γπL(D³ − d2³) tí a fi 12(d1 − d2) pín. Ẹ fi ìwọ̀n ojú, πD²/4, pín in, sítírẹ́ẹ̀sì níbẹ̀ á jẹ́ γL(D − d2³/D²) tí a fi 3(d1 − d2) pín. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà ni d2³ yẹn. Wọ́n ń gbàgbé láti yọ orí kóónù tí kò sí níbẹ̀ kúrò, wọ́n á sì máa wọn irin tí kò sí.

Ẹ pín in pẹ̀lú E, kí ẹ kó gbogbo ẹ̀là jọ láti d2 dé d1 bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ó máa dà bíi pé ó le nígbà tí ẹ bá wà láàárín rẹ̀, ṣùgbọ́n (d1 − d2) tún máa pa ara rẹ̀ rẹ́, ìdáhùn á sì mọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ:

δw = γL²(d1 + 2d2) / (6E·d1)

Mo fẹ́ràn fọ́múlà yìí gidigidi. Ìwọ̀n sísanra ọ̀pá kò sí nínú rẹ̀. Bí ìdábùú kan ṣe rí sí èkejì nìkan ló wà níbẹ̀. Ọ̀pá tó jẹ́ 60 sí 30 mm àti èyí tó jẹ́ 600 sí 300 mm, tí gígùn wọn bá dọ́gba, ìwúwo ara wọn yóò mú wọn gùn sí i bákan náà.

Ẹ bá mi ṣe òǹkà rẹ̀ pátápátá.

Ẹ sọ gbogbo nǹkan di mítà àti N. Ti ẹrù: 4 × 50000 × 6 jẹ́ 1200000. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ π × 200 × 10⁹ × 0.06 × 0.03, tó jẹ́ 1.131 × 10⁹. Ẹ pín in: 0.001061 m, ìyẹn 1.061 mm.

Ti ìwúwo: 77000 × 36 tí a fi 6 × 200 × 10⁹ pín jẹ́ 2.31 × 10⁻⁶ m. Ohun tó kù, (d1 + 2d2)/d1, jẹ́ 120/60, ìyẹn 2. Ó wá jẹ́ 4.62 × 10⁻⁶ m, tàbí 0.0046 mm.

A lè ro méjèèjì pọ̀ tààrà níwọ̀n ìgbà tí irin ṣì wà níbi tí yóò padà sí gígùn rẹ̀ tí a bá tú ẹrù sílẹ̀. Àròpọ̀ jẹ́ 1.066 mm.

Tí mo bá yí ọ̀pá náà dorí kodò ńkọ́, kí apá tó tín-ín-rín wà lókè?

Ẹ yí i. Àlékún gígùn tí ẹrù fà kò ní yí padà rárá, 1.061 mm náà ni, nítorí d1 × d2 kò mọ èyí tó wà lókè. Ṣùgbọ́n ti ìwúwo yí padà. Ní báyìí d1 jẹ́ 30, d2 jẹ́ 60, nítorí ibi tí wọ́n so ó mọ́ là ń pè ní d1. (30 + 120)/30 jẹ́ 5, kì í ṣe 2 mọ́. Àlékún gígùn láti ọwọ́ ìwúwo di 0.0116 mm, ìlọ́po méjì àtààbọ̀ ti tẹ́lẹ̀.

Ó yé ni dáadáa tí a bá rò ó: irin tó pọ̀ ti wà nísàlẹ̀, apá tó tín-ín-rín jù lọ sì ló wá ń ru gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá há fọ́múlà sórí pé "d1 ni ńlá, d2 ni kékeré" yóò kọ 0.0046 sílẹ̀ níbí, kò sì ní mọ̀ pé òun ti ṣì í.

Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá ìdáhùn mi tọ̀nà, láìsí ẹni tí mo lè bi?

Ọ̀nà kan wà tí mo máa ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá jókòó tì mí. Ẹ ṣírò ìwúwo gbogbo ọ̀pá náà, W. Tiwa jẹ́ 762 N, ìyẹn bíi kílò méjìdínlọ́gọ́rin. Ẹ ṣe bí ẹni pé 762 N yìí jẹ́ ẹrù tí wọ́n so mọ́ ìsàlẹ̀, kí ẹ fi fọ́múlà ẹrù ṣe é: 0.0162 mm. Wàyí o, ẹ ro àlékún gígùn ti ìwúwo nígbà tí apá tó sanra wà lókè pọ̀ mọ́ èyí tó jẹ́ ti ìgbà tí a yí i: 0.0046 + 0.0116. Ó jẹ́ 0.0162 géérégé.

Kì í ṣe àkọsẹ̀bá. Ẹ mú ojú èyíkéyìí lára ọ̀pá. Bí ọ̀pá bá wà lọ́nà kan, ojú yẹn ń ru irin tó wà ní apá kan rẹ̀. Bí a bá yí i, ó ń ru irin apá kejì. Méjèèjì pọ̀ jẹ́ gbogbo ìwúwo. Nítorí náà, tí àròpọ̀ yín kò bá dé ibẹ̀, àṣìṣe wà níbì kan.

Èyí tún dáhùn àwọn tó máa ń fi ìlàjì ìwúwo sí ìsàlẹ̀ ọ̀pá. Ìlàjì tọ̀nà fún ọ̀pá tó dọ́gba, nítorí kò ní ìyàtọ̀ bí ẹ ṣe gbé e kọ́. Fún tiwa, ìlàjì yóò mú 0.0081 mm wá. Ó pọ̀ jù tí apá tó sanra bá wà lókè, ó kéré jù tí ẹ bá yí i.

0.0046 mm lára 1.061 mm? Kí ló dé tí a fi ń da ara wa láàmú pẹ̀lú ìwúwo?

Fún ọ̀pá yìí àti ẹrù yìí, ẹ lè gbàgbé rẹ̀, mi ò ní bá yín jiyàn. Kò tó ìdá kan nínú igba. Ṣùgbọ́n ẹ dín ẹrù náà kù sí 500 N, bíi ti ọkùnrin kan tí kò sanra tó dì mọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀. Àlékún ti ẹrù di 0.0106 mm, ti ìwúwo dúró sí 0.0046 níbi tó wà. Ìwúwo ti gba nǹkan bí ìdá 30 nínú 100 gbogbo rẹ̀.

Gígùn náà ń kó ipa. Ti ẹrù ń pọ̀ bí gígùn ṣe ń pọ̀, ti ìwúwo ń pọ̀ bíi gígùn lọ́nà méjì, L². Ẹ sọ gígùn di ìlọ́po méjì, ti ìwúwo á di ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu ni pé E kò sí nínú ìṣirò yìí rárá: ó pín méjèèjì bákan náà. Bí ìwúwo ọ̀pá ṣe tó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù ló ń pinnu, kì í ṣe líle irin.

Oníléèsì ni mí. Kí ni kí n ṣọ́ra fún jù nígbà tí mo bá ń gbẹ́ irú ọ̀pá yìí?

Ìpẹ̀kun tó tín-ín-rín, ọ̀gá. Tí ọwọ́ bá gbá 1 mm kúrò níbẹ̀, tí 30 di 29, àlékún gígùn á fi ìdá 3.4 nínú 100 pọ̀ sí i. 1 mm kan náà lókè, tí 60 di 59, kò fi kún un ju ìdá 1.7 lọ.

Ohun kejì ni pé kí ó tín-ín-rín ní ìlà tààrà, nítorí gbogbo fọ́múlà òkè yìí dúró lé e lórí. Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ara ọ̀pá ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ wọn ìdábùú níbi àmì kọ̀ọ̀kan. Tiwa gbọ́dọ̀ ka 60, 55, 50, 45, 40, 35, 30. Tí ẹ bá rí 60, 52, 45, 39, ikùn ọ̀pá ti wọlé. Yóò gùn ju ohun tí ìwé sọ lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìpẹ̀kun méjèèjì tọ̀nà. Ẹ sì wọn ojú kan náà lẹ́ẹ̀mejì, kí ẹ yí irinṣẹ́ yín láti apá kan sí èkejì, nítorí ọ̀pá tí kò róbótó dáadáa máa ń tan ni jẹ.

Mo gbé ẹrù kọ́ ọ, mo wọ̀n ọ́n, ó lé ní 2 mm. Ṣé fọ́múlà ló parọ́?

Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé ìgbà wo lẹ wọ̀n ọ́n. Irin ń gùn nínú ooru. Fún irin lásán, ó jẹ́ nǹkan bí ìdá 12 nínú mílíọ̀nù kan gígùn rẹ̀ fún dígírì kọ̀ọ̀kan. Tí ẹ bá wọn ọ̀pá 6 m ní ìdájí, tí ẹ gbé ẹrù kọ́ ọ, tí ẹ padà wá wọ̀n ọ́n ní ọ̀sán gangan tí oòrùn Àkúrẹ́ ti mú ara irin gbóná ní dígírì 15 sí i, ooru nìkan ti fi 1.08 mm kún un. Ó ju iṣẹ́ tọ́ọ̀nù márùn-ún lọ. Tíntín-ín-rín ọ̀pá kò sì kan ooru rárá, bí ó ṣe máa gùn tó nìyẹn ì báà dọ́gba.

Bí a ṣe ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kò le: ẹ gbé ẹrù kúrò lójú ẹsẹ̀, kí ẹ tún wọ̀n ọ́n kí ìgbóná tó yí padà. Ohun tó bá padà sẹ́yìn ni ti ẹrù, ohun tó kù ni ti ooru. Tí ara irin bá sì ti tutù padà bí ó ṣe wà ní ìdájí, tí àlékún kan ṣì kù, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n so ó mọ́ lókè. Bóyá ìdè ti yọ̀ díẹ̀, ìyẹn kì í sì í ṣe àlékún gígùn ọ̀pá rárá. Ìdí nìyẹn tí ó fi dára kí ẹ máa wọn láàárín àmì méjì lára irin gan-an, kí ẹ má wọn láti òrùlé.

Mo rí γL²/6E ní ibòmíràn. Ṣé kò tako tiyín?

Kò tako ó. Kóónù tó ṣe ṣóńṣó pátápátá nìyẹn, d2 jẹ́ 0. Ẹ fi 0 sí fọ́múlà òkè, yóò bọ́ síbẹ̀ tààrà. Ẹ fi d2 = d1 sí i, yóò fún yín ní γL²/2E ti ọ̀pá tó dọ́gba. Ṣùgbọ́n ẹ má fi d2 = 0 sí fọ́múlà ẹrù: ìdáhùn á lọ láìlópin, nítorí kò sí bí ṣóńṣó tí kò ní ojú ṣe lè gbé ẹrù kankan.

Níbo ni fọ́múlà yìí ti ń kùnà?

Níbi tí ọ̀pá bá ti ń tín-ín-rín kíákíá jù, bíi ẹnu àrọ. A gbà pé sítírẹ́ẹ̀sì tẹ́jú dọ́gba lórí gbogbo ojú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn sì jẹ́ òótọ́ fún tiwa tó ń dín 5 mm kù nínú mítà kan; kò rí bẹ́ẹ̀ fún èyí tó ń dín ìdajì kù nínú ìbú ìka mélòó kan. Nítòsí ìpẹ̀kun méjèèjì pàápàá, níbi tí ìdè àti ìwọ̀ wà, sítírẹ́ẹ̀sì kì í tẹ́jú.

Ó sì ń kùnà tí irin bá ti kọjá agbára rẹ̀ láti padà. Ibi tí ẹ máa ṣọ́ ni ìpẹ̀kun tó tín-ín-rín: ojú rẹ̀ jẹ́ 707 mm², 50 kN sì ń fún un ní sítírẹ́ẹ̀sì 70.7 MPa, nígbà tí ti òkè kò ju 18 lọ. Irin tí wọ́n sọ pé ó ń bẹ̀rẹ̀ sí í fà láìpadà ní 250 MPa yóò dé ibẹ̀ nígbà tí ẹrù bá tó nǹkan bí 177 kN. Láti ibẹ̀ lọ, apá ìsàlẹ̀ nìkan ni yóò máa nà láìpadà, òkè yóò ṣì lè padà sí gígùn rẹ̀, kò sì sí èyíkéyìí nínú òǹkà òkè yìí tí ẹ lè fọkàn tán mọ́.